Bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, fún ẹni tó gba dìgírì àkọ́kọ́ pẹ̀lú iṣẹ́ àti ọmọ lọ́wọ́

Ẹni tó parí dìgírì àkọ́kọ́ nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tó sì tún ń tọ́ ọmọ, ní ohun tó pọ̀ láti sọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún kò ní. Síbẹ̀, bó bá fi fọ́tò rẹ̀ síta, nínú gáùn àti fìlà, ohun tó máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ kì í ju èyí lọ: "Ọlọ́run ṣe é! Kò rọrùn, àmọ́ mo ṣe é. Ẹ bá mi yọ̀." Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó ra mọ́tò lè kọ ọ́, ẹni tó kọ́lé lè kọ ọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà náà lè kọ ọ́. Iṣẹ́ àti ọmọ tó sọ dìgírì náà di nǹkan ńlá kò hàn níbẹ̀ rárá.

Ká lè rí bí a ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ ká fi ènìyàn kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Ìyá Tóbi. Tíṣà ni, ó ń kọ́ kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òṣogbo. Ó ti ní ìwé ẹ̀rí NCE tẹ́lẹ̀, ó wá lọ ka B.Ed. ní NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́ pé láti ilé lènìyàn ti ń kàwé rẹ̀, tí yóò sì lọ ṣèdánwò ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sí. Ẹni tó ní NCE máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì, nítorí náà ọdún mẹ́ta ló yẹ kí Ìyá Tóbi fi kà á. Mẹ́rin ló lò, torí pé ó bí ọmọ kẹta láàárín, kò sì forúkọ sílẹ̀ fún sẹ̀mẹ́sítà méjì. Tóbi tó jẹ́ àkọ́bí ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí. Irú Ìyá Tóbi pọ̀ káàkiri: nọ́ọ̀sì ni, akọ̀wé ìjọba ni, ọlọ́pàá ni, òṣìṣẹ́ báǹkì ni. Bàbá náà wà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀rí, ẹ má tíì kọ̀wé

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti inú orí. Ohun tí orí máa ń rántí lọ́jọ́ ayọ̀ kò ju "ó rẹ̀ mí gan-an" lọ. Fóònù yín ló rántí èyí tó kù. Ẹ ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀, ẹ mú ìwé àti bírò.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí ibi tí álààmù wà lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò tíì pa álààmù ìgbà tí wọ́n ń kàwé rẹ́. Wọ́n kàn dá a dúró ni, aago tí wọ́n máa ń jí ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá lọ sínú WhatsApp, ẹ lo àyè ìwákiri tó wà lókè. Bí NOUN lẹ ti kàwé, ẹ tẹ "TMA" síbẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ àmúṣe orí ẹ̀rọ ayélujára tí wọ́n máa ń fún yín kí ìdánwò tó dé, tó ń gba 30 nínú 100, tí ìdánwò fúnra rẹ̀ sì ń gba 70. Ẹ óò rí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ yín ní aago mọ́kànlá alẹ́ pé iná ti lọ, àkókò sì ti fẹ́ẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ "bá mi" síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló ń tú àṣírí oore: "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú Tóbi níléèwé," "bá mi fi ìwé yẹn ránṣẹ́," "ẹ bá mi wo ọmọ di aago mẹ́rin." Níkẹyìn, ẹ wo àwọn fọ́tò inú fóònù ní oṣù tí ẹ ń ṣèdánwò. Ẹ óò rí fọ́tò ojú ìwé kan tí ẹ yà láti kà nínú mọ́tò, ẹsẹ̀ ọmọ yóò sì hàn ní etí rẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sí ọ̀nà mẹ́ta: aago, nǹkan àti ènìyàn. Aago ni ìgbà tí ẹ ń kàwé gan-an. Nǹkan ni ohun tí ojú lè rí: tábìlì, fìtílà, ìwé tí ọmọ da tíì sí. Ènìyàn ni ẹni tó ṣe nǹkan fún yín, pẹ̀lú ohun tó ṣe. Bí orúkọ ènìyàn bá wà tí ẹ kò sì lè kọ ohun tó ṣe sí iwájú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ná. A óò padà dé ibẹ̀.

Èyí ni ti Ìyá Tóbi. Aago: mẹ́rin sí mẹ́fà òwúrọ̀, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì. Nǹkan: kọ̀ǹpútà alágbèéká lórí tábìlì ìdáná, nítorí pé iná yàrá máa ń jí àbíkẹ́yìn. Abọ́ tó ń fọ̀ lálẹ́, tí Tóbi yóò dúró tì í, tí yóò máa ka ìbéèrè láti inú ìwé sí i létí. Ènìyàn: ìyá ọkọ rẹ̀ tó máa ń wá láti Ìlá wá mú àbíkẹ́yìn lọ́sẹ̀ ìdánwò, bàbá àwọn ọmọ tó ń dáná alẹ́ lọ́jọ́ Wẹ́sídeè àti Tọ́sídeè, ọ̀gá iléèwé tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó tẹ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀.

Orúkọ dìgírì náà gan-an, àti ìgbà tó yẹ kó jáde

Ìdánwò tó parí kọ́ ni dìgírì. Láàárín ọjọ́ tí ènìyàn fi bírò sílẹ̀ àti ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì fọwọ́ sí èsì, ìwé kan lè sọnù, máàkì TMA kan lè máà wọlé, wọ́n sì lè sọ pé iṣẹ́ ìwádìí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ti kọ ọ́ síta pé òun ti gboyè yóò máa dáhùn ìbéèrè títí tí wọn yóò fi tún un ṣe. Bí ayọ̀ ọjọ́ ìdánwò ìkẹyìn kò bá ṣe é pa mọ́ra, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: "Mo ṣe ìdánwò ìkẹyìn lónìí." Ẹ fi gáùn sílẹ̀ di ìgbà tí èsì bá jáde.

Bí ẹ bá wá ń kọ orúkọ dìgírì náà, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé èsì yín. B.Ed. yàtọ̀ sí B.A.(Ed.), ó sì yàtọ̀ sí B.Sc.(Ed.). Níbi iṣẹ́ ìjọba, tí ìgbéga ti ń tẹ̀lé ìwé ẹ̀rí, ẹni tó bá kọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò rí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ti ipò tí ẹ fi jáde, ìyẹn ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀sì kíláàsì tàbí sẹ́kọ́ńdì kíláàsì òkè, ẹ kọ ọ́ bó bá wù yín. Bí kò bá sì wù yín, ẹ má kọ nǹkan kan dípò rẹ̀. Gbólóhùn bíi "kíláàsì tí mo fi jáde ò ṣe pàtàkì" ló máa ń jẹ́ kí gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Gbólóhùn àkọ́kọ́

Instagram gba lẹ́tà àti àmì tó tó 2,200 lábẹ́ fọ́tò kan, ṣùgbọ́n nǹkan bí 125 àkọ́kọ́ ló ń hàn kí ènìyàn tó tẹ ibi tí yóò ti rí ìyókù. Ọ̀pọ̀ ni kì í tẹ ẹ́. Nítorí náà ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti wà nínú 125 yẹn: iṣẹ́ yín, àwọn ọmọ, àti dìgírì. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, ẹ fi nǹkan kan láti inú àkójọ yín kún un.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọpẹ́ sí Ọlọ́run ti máa ń fa wàhálà díẹ̀. Bí ẹ bá fi ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ yin Ọlọ́run, ẹni tó ń wò ó kò ní mọ ohun tí ẹ ń yìn ín fún. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ yọ Ọlọ́run kúrò. Ẹ gbé e sí ibi tí yóò ti ní nǹkan dì mú. "Ọlọ́run mi, mo dúpẹ́ pé kò sí ọmọ tó ṣàìsàn lọ́sẹ̀ ìdánwò kankan" lágbára ju "ògo ni fún Ọlọ́run" lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ, torí pé gbogbo ìyá tó bá kà á ló mọ ẹ̀rù tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn.

Ohun tí Ìyá Tóbi kọ́kọ́ kọ ni: "Pẹ̀lú gbogbo ìpèníjà ayé, mo ti di ẹni tó gboyè." Kò sí tíṣà níbẹ̀, kò sí ọmọ níbẹ̀. "Ìpèníjà" bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Èyí tó wá kọ lẹ́yìn tó wo àkójọ rẹ̀ nìyí:

"Tíṣà kíláàsì kẹrin, ìyá ọmọ mẹ́ta, B.Ed. láti NOUN. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni kíláàsì tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀."

Ìyẹn kò ju nǹkan bí 100 lọ, ó sì wọlé pátá kí wọ́n tó gé e. Gbólóhùn kejì ló gbé e dúró: tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì lọ́sàn-án ní kíláàsì tirẹ̀ tí ẹnì kan ò rí.

Ẹ fiyè sí i pé kíkà Yorùbá pẹ̀lú àmì kò rí bí ojú ṣe rí i. Ẹ̀rọ máa ń ka lẹ́tà bíi "ẹ́" sí méjì, torí pé àmì ohùn orí rẹ̀ dá dúró. Lórí X, tí ààyè ọ̀fẹ́ rẹ̀ jẹ́ 280, "ẹ", "ọ" àti "ṣ" fúnra wọn ń gba ààyè méjì méjì, bí àmì ohùn bá sì wà lórí "ẹ" tàbí "ọ", ó di mẹ́ta. Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín kún ṣáájú kí ẹ tó retí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má tìtorí ẹ̀ yọ àmì; ọ̀rọ̀ ni kí ẹ dín kù.

Àwòrán kan ṣoṣo

Lẹ́yìn gbólóhùn àkọ́kọ́, ẹ mú nǹkan kan péré láti inú àkójọ yín, kí ẹ sọ ọ́ débi tí ẹni tó ń kà á yóò fi rí i. Nǹkan kan tó. Ẹni tó bá to mẹ́wàá jọ (mo ń dáná, mo ń fọṣọ, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń mú ọmọ níléèwé, mo ń kàwé lóru) ń ka iṣẹ́ ilé ni, ojú ẹni tó ń kà á á kàn máa yọ̀ lọ.

Ìyá Tóbi ní méjì tó dára, tábìlì ìdáná àti abọ́ fífọ̀. Ó lo tábìlì ìdáná sí ààrin, ó sì pa abọ́ mọ́ de ibi tí yóò ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Tóbi. "Mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìdáná kí iná má bàa jí àbíkẹ́yìn. Bó bá di aago mẹ́fà, màá pa á dé, màá gbé omi kaná." Kò sọ pé ó rẹ òun. Ẹni tó bá ti kà á mọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìṣirò ńláńlá. Wákàtí méjì lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, jẹ́ wákàtí mẹ́wàá. Bí ènìyàn bá fi ọ̀sẹ̀ 50 àti ọdún mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀, yóò gbà 2,000, yóò sì fẹ́ kọ "wákàtí ẹgbẹ̀rún méjì lóru." Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ka ìwé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ọdún, Ìyá Tóbi pàápàá fi sẹ̀mẹ́sítà méjì sílẹ̀. Àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀ rí yóò mọ̀ pé ìṣirò yẹn kò dúró. Ẹ sọ ti ọjọ́ kan tàbí ti ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tí yóò jiyàn rẹ̀.

Ọdún tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń fi í pa mọ́, wọ́n ń bẹ̀rù pé wọn yóò rò pé àwọn fìdí rẹmi. Ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ nínú gbólóhùn kan náà. NOUN fàyè gba kí akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìwọ̀n iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ gbé. Ohun tí ètò náà wà fún nìyẹn. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà ọdún sílẹ̀ láìsọ ìdí, àwọn ènìyàn yóò fi tiwọn dí i.

Ọ̀rọ̀ nípa ibi iṣẹ́

Ẹ ka gbogbo gbólóhùn tó bá mẹ́nu kan iṣẹ́ yín lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fojú ọ̀gá yín kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ewu ibẹ̀ kì í sábà jẹ́ èébú, inú ọpẹ́ ló máa ń wà. "Ẹ ṣé tí ẹ máa ń bá mi di kíláàsì mú tí mo bá lọ ṣèdánwò." Ẹni tó kọ ọ́ rò pé òun ń yin ẹlẹgbẹ́ òun. Ohun tí aláṣẹ yóò kà níbẹ̀ ni pé tíṣà kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, òmíràn sì bò ó. Bákan náà ni "mo máa ń ka ìwé mi lábẹ́ tábìlì ọ́fíìsì," àti nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ pé òun máa ń ṣe TMA lóru iṣẹ́ nígbà tí àwọn aláìsàn bá sùn. Bó bá jẹ́ pé ìwé àṣẹ wà, ẹ dárúkọ àṣẹ náà: "Ọ̀gá wa, ẹ ṣé tí ẹ fọwọ́ sí ìsinmi mi fún ìdánwò." Bí kò bá sí, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, kí ẹ pe ẹlẹgbẹ́ yín lórí fóònù kí ẹ sì dúpẹ́ níbẹ̀. Nínú àkójọ Ìyá Tóbi, títẹ iṣẹ́ ìwádìí kò ní ewu kankan, ìwé àṣẹ ọ̀gá náà kò sì ní.

Ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ

Ọmọ ọdún mọ́kànlá lè ka ohun tí ẹ kọ lónìí. Àbíkẹ́yìn yóò kà á lọ́jọ́ kan. "Àwọn ọmọ ò jẹ́ kí n ráyè," "oyún dá mi dúró": òótọ́ lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yóò gbọ́ ọ bíi pé òun ni wàhálà náà. Ẹ yí i padà kí ó jẹ́ ìpinnu yín: "Mo fi sẹ̀mẹ́sítà méjì sílẹ̀ fún un." Ìtàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ìyá ló pinnu rẹ̀.

Ẹ yẹra fún orúkọ iléèwé ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti fọ́tò tó wọ yunifọ́ọ̀mù tí orúkọ iléèwé wà lára rẹ̀. Orúkọ tí ẹ ń pè é nílé tó. Fún àwọn tó dá tọ́ ọmọ, ìdẹwò tó wà níbẹ̀ ni láti bá ẹni tó lọ wí. Ọmọ yẹn ni yóò kà nípa bàbá tàbí ìyá rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà yóò sì kà á. "Èmi àti àwọn ọmọ mi méjì" ti sọ gbogbo rẹ̀.

Ọpẹ́

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ jù, torí náà ẹ má kánjú níbẹ̀. Yinni yinni kẹ́ni ó ṣèmíràn ni Yorùbá wí, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá yìn láìsọ ohun tó ṣe kò ní mọ èyí tí yóò ṣe mìíràn nínú rẹ̀. Gbogbo orúkọ gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ ọwọ́ níwájú. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi fún àtìlẹ́yìn rẹ̀" kò tíì sọ nǹkan kan. "Bàbá Tóbi, ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ dáná gbogbo Wẹ́sídeè àti Tọ́sídeè" ti sọ ọ́.

Ẹ pe oníkálukú bí ẹ ṣe ń pè é nílé. Kò sí ìyàwó tó ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní "ìyá ọkọ mi" lójú ara rẹ̀. Mọ́mì ni, tàbí Màámi. Bí àwọn òǹkàwé kò bá ní mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìlú kún un: "Màámi tó wà ní Ìlá." "Ẹ" ni fún àgbà, "o" ni fún ọmọ. Ẹni tó bá fi "ẹ ṣé" kan ṣoṣo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ àti Tóbi pọ̀ ti gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ètò títò wọn rọrùn: àgbà ni kó ṣáájú, ọmọ ni kó gbẹ̀yìn. Ẹni mẹ́rin sí márùn-ún tó lábẹ́ fọ́tò. Ẹ rántí àwọn tí a ní kí ẹ fi sílẹ̀ ná, tí ẹ kò rí ohun tí wọ́n ṣe kọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kí ẹ fi kó wọn jọ, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni: "Ẹ̀yin tó kù, ẹ óò gbọ́ ohùn mi." Kí ẹ sì pè wọ́n lóòótọ́. Bí ẹ bá dárúkọ ogún, ẹni kọkànlélógún ni yóò bínú. Bí ẹ bá dárúkọ mẹ́rin tó ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé rí, ìdí rẹ̀ hàn.

Gbólóhùn kan wà tí a bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ kúrò, bó ti wù kó dùn lẹ́nu tó: "Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé mi ò lè ṣe é, ẹ wá wò mí lónìí." Ẹni tí ẹ ń bá wí kò ní mọ̀ pé òun ni. Ìyá ọkọ tó sọ ọ́ nígbà kan pé "ṣé o ò ní sinmi díẹ̀ ná, ọmọ yìí ṣì kéré" ni yóò rò pé òun ni wọ́n ń sọ, òun tó tún ń gun mọ́tò wá láti Ìlá.

Ọ̀rọ̀ náà lódindi

"Tíṣà kíláàsì kẹrin, ìyá ọmọ mẹ́ta, B.Ed. láti NOUN. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni kíláàsì tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìdáná kí iná má bàa jí àbíkẹ́yìn. Bó bá di aago mẹ́fà, màá pa á dé, màá gbé omi kaná. Ọdún mẹ́ta ló yẹ kí n fi ṣe é. Mẹ́rin ni mo lò: mo bímọ láàárín, mo sì fi sẹ̀mẹ́sítà méjì sílẹ̀ fún un. Ọlọ́run mi, mo dúpẹ́ pé kò sí ọmọ tó ṣàìsàn lọ́sẹ̀ ìdánwò kankan.

Màámi tó wà ní Ìlá, gbogbo ọ̀sẹ̀ ìdánwò lẹ wá, ẹ̀yìn yín ni àbíkẹ́yìn ń sùn sí. Bàbá Tóbi, ẹ ṣeun fún oúnjẹ alẹ́ Wẹ́sídeè àti Tọ́sídeè. Ọ̀gá wa, ẹ ṣé tí ẹ fọwọ́ sí ìwé ìsinmi mi. Àǹtí tí ẹ tẹ iṣẹ́ ìwádìí mi, ẹ mọ ara yín. Tóbi, o ń ka ìbéèrè sí mi létí tí mo bá ń fọ abọ́. O ti mọ èyí tó pọ̀ níbẹ̀ jù mí lọ. O ṣé, ọmọ mi.

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ, mo padà sí kíláàsì kẹrin."

Ẹ wo gbólóhùn ìparí yẹn. Kò fi òwe parí, kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó má sọ̀rètí nù. Ó padà síbi iṣẹ́, torí pé iṣẹ́ náà kò fìgbà kankan dúró. Bí ẹ bá ń wá ìparí tiyín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé kí ni ẹ óò ṣe lọ́jọ́ kejì ayẹyẹ.

Fún sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn nìkan tó. Wákàtí 24 ló ń lò kó tó parẹ́, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ni ẹni tó ń wò ó yóò fi wò ó. Ẹ pa ọpẹ́ mọ́ fún ibi tí yóò ti wà pẹ́, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí oníkálukú fúnra rẹ̀.

Àmì orí ọ̀rọ̀, àti ohun tó wà nínú fọ́tò

Ẹ kọ Yorùbá yín pẹ̀lú àmì, ẹ̀rọ lè ṣe é. Lórí Gboard, ẹ wọ ààtò rẹ̀, ẹ lọ síbi tí àwọn èdè wà, kí ẹ fi Yorùbá kún un. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ díẹ̀, àwọn tó ní àmì yóò yọ. Àmọ́ àmì tí kò bá tọ́ burú ju àìsí àmì lọ. "Ọkọ mi" ni ẹni tó fẹ́ yín, "ọkọ̀ mi" ni mọ́tò yín, "ọkọ́ mi" sì ni ohun tí ẹ fi ń roko. Ẹni tó bá kọ "mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ mi" ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mọ́tò. "Oyè" lẹ gbà. "Òye" ni ohun tó yẹ kó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó dájú láti mọ̀ ni kí ẹ kà á sókè bí àmì ṣe wí, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Kíkà yẹn ní àǹfààní mìíràn: ọ̀pọ̀ àgbà tí ẹ dárúkọ kò ní fojú ara wọn kà á, ẹnì kan ni yóò kà á sí wọn létí. Bí èémí bá tán lẹ́nu yín láàárín gbólóhùn kan, ẹ gé e sí méjì.

Kí ẹ tó tẹ ẹ́ síta, ẹ fẹ fọ́tò náà lójú. Bí ìwé èsì bá wà lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé náà kò gbọ́dọ̀ ṣeé kà. Bí káàdì iṣẹ́ bá wà lọ́rùn, ẹ bò ó. Bí ọmọ bá wà níbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ rẹ̀.

Ẹ fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn tí ẹ dárúkọ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹnì kan lè sọ pé òun kò fẹ́ kí orúkọ òun jáde, òmíràn sì lè sọ pé Tọ́sídeè kọ́, Fúráìdeè ni. Ẹ tún un ṣe nígbà yẹn. Instagram àti Facebook gbà kí ènìyàn ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó ti jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí orúkọ rẹ̀ lóòórọ̀ kì í sábà padà wá wò ó lálẹ́. Ẹ wá da ọ̀rọ̀ náà kọ sínú ìwé kan, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi í sínú fáìlì kan náà tí ìwé ẹ̀rí wà.